Irọ́ ni o: kóòdù rẹpẹtẹ kọ́ ló ń jẹ́ kéèyàn mọ ibi tówó gbà lọ

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ n sọ èyí kó tó di pé ọdún tuntun bẹ̀rẹ̀ táwọn èèyàn á tún máa to bọ́jẹ́ẹ̀tì. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí mo ń bá kọ ìwé owó ní Ìkòròdú níbí ló gbà pé bí kóòdù ìnáwó, ìyẹn nọ́ńbà tá a fi ń pín owó tá a ná sí oríṣi oríṣi, bá ṣe pọ̀ tó lówó ṣe ń hàn kedere tó. Tó o bá ní ọgbọ̀n kóòdù wọ́n á ní ọwọ́ yẹpẹrẹ lo fi mú owó, tó o bá ní àádọ́jọ, háà, akáǹtáǹtì gidi nìyẹn. Èmi náà gbà á gbọ́ fún ọdún bíi mélòó kan, kódà ìwé kóòdù tí mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ yìí, èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́, torí náà kì í ṣe pé mo ń bú ẹnì kan.

Alhaja kan ló ni ilé búrẹ́dì ní Igbógbó, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù méjì tí wọ́n ti ń tà á, ọ̀kan ní Ṣábọ́ ọ̀kan ní Odógunyàn. Ọkọ̀ fáànù méjì ló ń pín búrẹ́dì kiri. Nígbà tó gbé iṣẹ́ ìwé owó fún mi, mo ka oríṣi ìnáwó tí wọ́n ń ná, ó jẹ́ méjìlélógójì, mo wá fi ọgbọ́n orí mi pín ọ̀kọ̀ọ̀kan sí mẹ́ta nítorí ibi mẹ́ta tí wọ́n wà. 42 lọ́nà 3, kóòdù 126. Mo ń yangàn. Ó ti wọ̀ mí lára débi pé kóòdù "Ìyẹ̀fun Ṣábọ́" wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ Ṣábọ́ ò po ìyẹ̀fun rí láyé wọn, búrẹ́dì tó ti jiná ni wọ́n ń tà.

Alhaja ní tiẹ̀ ti kọ bọ́jẹ́ẹ̀tì tiẹ̀ sílẹ̀ sínú ìwé kékeré kan, ìlà méjìlá péré. Ọ̀kan nínú wọn ni "Epo àti dísù, 1,400,000 lóṣù". Ìlà kan yẹn ló wá dojú kọ kóòdù mẹ́fà nínú ìwé tèmi: àrò, jẹnẹrétọ̀ Igbógbó, jẹnẹrétọ̀ Ṣábọ́, jẹnẹrétọ̀ Odógunyàn, fáànù kìíní, fáànù kejì.

Nígbà tóṣù parí, ohun tí ìwé sọ rèé. Jẹnẹrétọ̀ Igbógbó 1,150,000. Àrò 180,000. Ṣábọ́ 60,000. Odógunyàn, òdo. Fáànù kìíní 90,000, fáànù kejì, òdo. Àpapọ̀ ẹ̀ 1,480,000, ìyẹn fi 80,000 ju bọ́jẹ́ẹ̀tì lọ. Alhaja wo 1,150,000 yẹn, ó ní ọmọ tó ń bójú tó jẹnẹrétọ̀ ń ta dísù òun, ó ti ń wá ẹlòmíì tó máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo ní Ma, ẹ ní sùúrù. Òdo tí mo rí lábẹ́ fáànù kejì ló kọ́kọ́ fu mí lára. Ọkọ̀ tó ń jáde láràárọ̀, ṣé omi ló ń mu ni? A da gbogbo rìsíìtì oṣù yẹn sílẹ̀ẹ́lẹ̀ ní yàrá ẹ̀yìn, odindi ọjọ́ méjì la fi ṣà wọ́n. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kì í ṣe olè rárá. Káṣíà tó ń tẹ owó sínú kọ̀ǹpútà ń rí "dísù" lórí rìsíìtì, tó bá sì tẹ "dísù" kóòdù mẹ́fà á yọjú, èyí tó bá wà lókè ló ń yàn. Èyí tó wà lókè ni jẹnẹrétọ̀ Igbógbó. Lọ́jọ́ tó bá sì rẹ̀ ẹ́ tí kò mọ èyí tó máa yàn, inú "Oríṣiríṣi" ló ń sọ ọ́ sí, a bá dísù àti bẹntiróò tó tó 120,000 nínú ẹ̀.

Ibi tó dùn mí jù wá nìyí: dísù àrò àti dísù jẹnẹrétọ̀ Igbógbó, inú táǹkì kan náà ni wọ́n ti ń bù ú. Rìsíìtì kan ni ẹni tó ń já dísù máa ń fún wọn. Èmi tí mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà tí mo ya kóòdù méjì fún un, mo ní kí ọmọbìnrin káṣíà yẹn máa sọ ohun tí ẹnikẹ́ni ò lè mọ̀ láti ara rìsíìtì, àfi tí wọ́n bá lọ de mítà mọ́ ẹnu páìpù. Nǹkan tó wọ inú ìwé lábẹ́ irú kóòdù bẹ́ẹ̀, àròsọ ni, kìkì pé ó ní nọ́ńbà lójú.

Lẹ́yìn tá a ṣa rìsíìtì tán, mo bi Alhaja pé báwo lẹ ṣe dé orí 1,400,000, ó sì mọ̀ ọ́n lórí bí ẹní mọ orúkọ ọmọ ẹ̀: mílíọ̀nù kan fún àrò àti jẹnẹrétọ̀ Igbógbó, 120,000 fún jẹnẹrétọ̀ kékeré méjì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù, 280,000 fún ọkọ̀. Ohun tí wọ́n ná gan-an ni 1,020,000, 130,000 àti 450,000. Ẹ rò ó pọ̀, 1,600,000 ni. Ìyẹn ni pé 200,000 ni wọ́n fi ré bọ́jẹ́ẹ̀tì kọjá, kì í ṣe 80,000, 170,000 nínú ẹ̀ ló sì jẹ́ tọkọ̀. Ọmọ jẹnẹrétọ̀ ò mọwọ́ mẹsẹ̀. Fáànù kejì ló ti ń gbé búrẹ́dì lọ sí Ìmọ́tà láti bí oṣù méjì, Alhaja fúnra ẹ̀ ló ní kó máa lọ, òun náà ló gbàgbé pé bọ́jẹ́ẹ̀tì ò gbọ́ nípa Ìmọ́tà.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, kóòdù 126 ò rí Ìmọ́tà. Kóòdù mẹ́ta ì bá rí i.

Ohun tí mo ṣe àṣìṣe ẹ̀ ni pé mo da ìbéèrè méjì pọ̀ sínú nọ́ńbà kan. Kóòdù akáǹtì ń dáhùn "irú owó wo la ná", ibi tí wọ́n ti ná an jẹ́ ìbéèrè tiẹ̀ lọ́tọ̀, nọ́ńbà kékeré míì ló yẹ kó gbé e. Tá a bá tò ó báyẹn, a ní oríṣi ìnáwó 42, a ní ibi mẹ́ta, nọ́ńbà 45 péré la máa tọ́jú, káṣíà á sì yan lẹ́ẹ̀mejì: kí ni, níbo. Bí a ṣe wá kọ tepo nìyí, Igbógbó jẹ́ 10, Ṣábọ́ 20, Odógunyàn 30:

```
5030-10
6120-20
6120-30
6210-10
```

5030 ni dísù tí wọ́n fi ṣe búrẹ́dì, àrò àti jẹnẹrétọ̀ Igbógbó pa pọ̀. 6120 ni epo jẹnẹrétọ̀ ṣọ́ọ̀bù. 6210 ni epo ọkọ̀, Igbógbó sì ni mo so ọkọ̀ méjèèjì mọ́ torí ibẹ̀ ni wọ́n ń sùn. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń fi 4 bẹ̀rẹ̀ kóòdù owó tó wọlé, 5 fún ohun tó wọ inú ọjà gan-an, 6 fún ìnáwó tó ń gbé ilé iṣẹ́ ró, kì í ṣe òfin o, àṣà lásán ni. Àmọ́ ìdí tí mo fi ya 5030 sọ́tọ̀ kúrò lára 6210 ju àṣà lọ. Bí ìyẹ̀fun tí wọ́n pò bá pọ̀ sí i, 5030 á pọ̀ sí i. Bí ọ̀nà tí ọkọ̀ ń rìn bá jìn sí i, 6210 á pọ̀ sí i. Ohun tó ń tì wọ́n kì í ṣe ọ̀kan náà, tó o bá dà wọ́n pọ̀ kò sí bó o ṣe máa mọ èyí tó ṣẹ̀ ẹ́.

Àwọn kan á ní ìyẹn dáa fún búrẹ́dì, àwọn ńlá ńlá ńkọ́? Ẹ lọ wo bọ́jẹ́ẹ̀tì ìjọba wa. Ìwé kóòdù tí ìjọba àpapọ̀ àtàwọn ìpínlẹ̀ jọ ń lò, nọ́ńbà 52 ló gùn tó, ó sì ń dẹ́rù ba èèyàn, àmọ́ apá mẹ́fà ni wọ́n pín in sí, apá kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìbéèrè tiẹ̀. Apá tó ń sọ irú ìnáwó jẹ́ nọ́ńbà mẹ́jọ péré. 22020801 ni epo mọ́tò, 22020803 ni epo jẹnẹrétọ̀. Wọ́n ya méjèèjì sọ́tọ̀ bí mo ṣe yà á, ṣùgbọ́n kò sí kóòdù epo lọ́tọ̀ fún jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì kọ̀ọ̀kan, apá míì ló ń sọ ọ́fíìsì tó ni owó. Bọ́jẹ́ẹ̀tì àti ìwé owó sì jọ ń lo nọ́ńbà yìí kan náà ni.

Ìyẹn gan-an lohun tí mo wá fipá mú Alhaja ṣe. Bọ́jẹ́ẹ̀tì ò gbọ́dọ̀ ní ìlà tí kò ní kóòdù níwájú, kóòdù yẹn sì gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé owó. Nínú Excel, kóòdù wà ní B, ibi wà ní C, iye owó wà ní E, ìlà kan yìí ń mú ohun tí wọ́n ná jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́jẹ́ẹ̀tì:

```
=SUMIFS(E:E,B:B,6210,C:C,10)
```

Lẹ́yìn náà mo máa ń ro àpapọ̀ gbogbo ohun tí ìlà wọ̀nyẹn mú jáde, kí n fi wé àpapọ̀ ìnáwó inú ìwé. Tí wọn ò bá dọ́gba, a jẹ́ pé owó kan ti wọ abẹ́ kóòdù tí bọ́jẹ́ẹ̀tì ò ní, tàbí ẹnì kan ò yan ibi. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni, ó sì ti gbà mí lọ́wọ́ àdàrú àìmọye ìgbà.

Ìlà kan tiẹ̀ wà tí kò bá a mu rárá nígbà tá a ń fi kóòdù sí i: "Jẹnẹrétọ̀, 2,500,000". Títún un ṣe ni àbí rírà? Rírà ni. Ìyẹn kì í ṣe ìnáwó oṣù, dúkìá ni, ọ̀dọ̀ àwọn dúkìá ló ń lọ, díẹ̀díẹ̀ ni iye ẹ̀ á máa wọ ìnáwó láàárín àwọn ọdún tí wọ́n máa fi lò ó. Ká ní a fi í sábẹ́ àtúnṣe jẹnẹrétọ̀ ni, oṣù tí wọ́n bá rà á, ilé búrẹ́dì á dà bí ẹni tó jẹ gbèsè.

Àwọn kóòdù àtijọ́, mi ò pa wọ́n rẹ́ o, torí owó ọdún tó kọjá ṣì wà lábẹ́ wọn. Mo tì wọ́n kí káṣíà má bàa rí wọn mọ́, mo sì kọ ọ́ sí bébà kan pé èyí ti di èyí. Ọjọ́ kìíní oṣù kìíní la bẹ̀rẹ̀ tuntun, kó má di pé ààbọ̀ ọdún wà níbí ààbọ̀ wà lọ́hùn-ún.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá Alhaja tún pè mí pé òun fẹ́ kóòdù tuntun méjì, ọ̀kan fún nálọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń wé búrẹ́dì, ọ̀kan fún bíró. Nálọ́ọ̀nù, mo ṣí i lójú ẹsẹ̀, owó ńlá ni, iye búrẹ́dì ló sì ń tì í. Bíró, mo ní kó máa bá ìwé rìsíìtì gbé lábẹ́ 6310. Ó ní, "Ṣùgbọ́n bíró ń pọ̀ jù níbẹ̀ yẹn o." Mo ní Ma, ẹ jẹ́ ká kúkú tì í mọ́ dúrọ́ọ̀.