Gígé nìkan kọ́ ni ìwòsàn ẹran inú imú

"Ẹran tó hù sínú imú, ẹ lọ gé e, ó parí. Oògùn tí wọ́n ń fín símú, owó ṣòfò ni. Mo lò ó fún ọjọ́ mẹ́rin, imú mi ṣì dí, n kò gbọ́ òórùn ọbẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ mẹ́rin kéré jù. Ojoojúmọ́ la ń fín sitẹ́rọ́ọ̀dù, oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀, símú, fún bí oṣù méjì sí mẹ́ta, ká tó lè ní kò ṣiṣẹ́. Ẹ fi omi iyọ̀ fọ imú ṣáájú, ẹ tẹrí ba díẹ̀, kí ẹnu ìgò kọjú sí ìhà etí. Bó bá kọjú sí àárín imú, ó lè dá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì fà á kíkankíkan. Bó bá korò lọ́fun, ó ti kọjá àyè rẹ̀.

Abẹ kì í mú ohun tó ń wú awọ imú kúrò. Ẹran náà lè hù padà, pàápàá lára oní-asima, ìdí nìyẹn tí fífín fi ń bá a lọ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Bí fífín tó péye, àti sitẹ́rọ́ọ̀dù oníhóró ọlọ́jọ́ díẹ̀ tí dókítà bá kọ, kò bá ṣí imú, nígbà náà la ń sọ̀rọ̀ abẹ.

Àmọ́ bó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló dí, tó sì ń ṣẹ̀jẹ̀, kí dókítà yẹ̀ ẹ́ wò kíákíá.