Díẹ̀díẹ̀ Nimú Ẹlẹ́dẹ̀ Fi Ń Wọgbà

Imú ẹlẹ́dẹ̀ ló ń kọ́kọ́ wọgbà, ara á sì tẹ̀ lé e. Ẹlẹ́dẹ̀ tó bá fẹ́ kó gbogbo ara wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, inú ihò ni yóò há sí.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá bá mi nígbà tó wọ ọdún kejì ní yunifásítì. CGPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba èsì rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, jẹ́ 2.90 nínú 5.00 lórí yúníìtì 40. Ó ní, "Àǹtí, ẹ bá mi dá sí i, 3.50 ni mo fẹ́ kó jẹ́ ní ìparí sẹ́mẹ́sítà yìí." Mo ní kó mú bírò wá. 2.90 lọ́nà 40 jẹ́ póìǹtì 116. Bó bá fi yúníìtì 20 kún un, àpapọ̀ rẹ̀ á di 60, 3.50 lórí 60 sì ń bèèrè póìǹtì 210. Póìǹtì 94 ló kù tí yóò wá lórí yúníìtì 20 péré, ìyẹn 4.70. Ọmọ náà dákẹ́. A wá fi 3.50 sórí sẹ́mẹ́sítà yẹn nìkan, èyí tí yóò gbé CGPA rẹ̀ dé 3.10. Kò dùn mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ lè tó o.

Máàkì kò sí níkàáwọ́ ẹni, iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ ló wà níbẹ̀. "Màá kàwé dáadáa" kò ṣeé fi iye wọ̀n. Ìṣirò ló ń yọ ọ́ lẹ́nu jù, nítorí náà ó ní òun á máa yanjú ìbéèrè ìdánwò ọdún àtijọ́ 10 lọ́sẹ̀, láìwo nóòtì. Èyí tó bá wo nóòtì ṣe, kò kà á.

Ọ̀sẹ̀ kìíní, ó ṣe 4. Ọ̀sẹ̀ kejì, 3. Ó ní gbèsè 13 wà lọ́rùn òun, òun á ṣe 23 lọ́sẹ̀ kẹta. Mo kọ̀ jálẹ̀. Irú gbèsè yìí ló ń mú ọmọ pa ìwé dé títí ìdánwò fi dé.

Bọ́mọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bágbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Mo ní kó máa wo ẹ̀yìn fún ìṣẹ́jú 15 nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, kó kọ ohun mẹ́ta sílẹ̀: mélòó ni mo ṣe, kí ló dí mi lọ́wọ́, kí ni ohun kan tí màá yí padà. Ojú ìwé àkọ́kọ́ ti tú àṣírí: Ọjọ́bọ̀ ló fi ìbéèrè 5 sí, bẹ́ẹ̀ aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ló máa ń jáde ní láàbù lọ́jọ́ náà, tí yóò sì sùn sórí ìwé. Ó gbé e lọ sí òwúrọ̀ Sátidé. A fagi lé gbèsè, a sì sọ 10 di 5. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ló kù kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀: ìbéèrè 50 nìyẹn, tó dá ṣe fúnra rẹ̀. A tún fẹnu kò pé bó bá pé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta léraléra, kó fi ẹyọ kan kún un. Bí kò bá pé lọ́sẹ̀ méjì léraléra, kó dín in kù.

Lọ́sẹ̀ karùn-ún ó fi ìwé náà hàn mí. Ó kọ ọ́ síbẹ̀: "5. Kò sóhun tó dí mi. Màá ṣe 6."