Owó sítáǹpù lórí ilé ní Íńgíláǹdì: kì í ṣe gbogbo iye ilé ni wọ́n ń gba 5% lé lórí

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ènìyàn wa tó ń ra ilé ní Íńgíláǹdì ló gbà pé bí iye ilé bá fi pọ́n-ùn kan péré kọjá £250,000, ìjọba yóò gba 5% lórí gbogbo owó náà pátá. Torí èyí, àwọn kan ń fi ilé tó wù wọ́n sílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń bẹ ẹni tó ń tà pé kó kọ £250,000 sínú ìwé, kí àwọn wá san ìyókù gẹ́gẹ́ bí owó kápẹ́ẹ̀tì àti kọ́tìnnì. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà mọ́, ṣùgbọ́n ó ní orísun. Títí di ọjọ́ 3 oṣù Kejìlá ọdún 2014, bẹ́ẹ̀ gan-an ni òfin rí: ẹni tó ra ilé £250,000 san 1%, tí í ṣe £2,500, nígbà tí ẹni tó ra ti £251,000 san 3% lórí gbogbo rẹ̀, tí í ṣe £7,530. Ọjọ́ kejì ni òfin yí padà, àmọ́ ìmọ̀ràn àwọn tó ti ra ilé ṣáájú ìgbà náà kò tíì yí padà.

Ní báyìí, ńṣe ni wọ́n ń pín iye ilé sí ìpele, tí ìpele kọ̀ọ̀kan sì ní iye tí wọ́n ń gbà lórí rẹ̀ nìkan. Láti oṣù Kẹrin ọdún 2025, wọn kì í gba nǹkan kan lórí £125,000 àkọ́kọ́. 2% ni wọ́n ń gbà lórí èyí tó wà láàárín £125,000 sí £250,000, wọ́n sì ń gba 5% lórí èyí tó wà láàárín £250,000 sí £925,000. Ìpele méjì ṣì wà lókè ìyẹn, ṣùgbọ́n ilé olówó ńlá ni wọ́n kàn. Íńgíláǹdì àti Àríwá Áyálándì ni òfin yìí wà fún; Skọ́tíláǹdì àti Wéèsì ní tiwọn lọ́tọ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú ilé £340,000. £125,000 àkọ́kọ́ kò mú owó kankan wá. £125,000 tó tẹ̀ lé e mú £2,500 wá. £90,000 tó ṣẹ́kù nìkan ni 5% bá, ìyẹn sì jẹ́ £4,500. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ £7,000, kì í ṣe £17,000 tí àwọn ènìyàn fi ń dẹ́rù ba ara wọn. Tó bá jẹ́ ilé £251,000 ni, £2,550 ni yóò san, ìyẹn £50 péré ju ti ilé £250,000 lọ. Ẹni tó wá ń dọ́gbọ́n pe £3,000 nínú owó ilé ní owó kápẹ́ẹ̀tì, £150 ló ń lé kiri, bẹ́ẹ̀ ilé-iṣẹ́ owó-orí lè bi í pé kápẹ́ẹ̀tì wo ló tó bẹ́ẹ̀.

Ẹni tí kò ní ilé rí láyé ń rí ìdẹ̀rùn gbà: kò ní san nǹkan kan lórí £300,000 àkọ́kọ́, nítorí náà £2,000 ni yóò san lórí ilé £340,000 yìí. Ní tirẹ̀, ààlà kan wà tó yẹ kó bẹ̀rù lóòótọ́: bí ilé bá kọjá £500,000, gbogbo ìdẹ̀rùn náà ti bọ́ nìyẹn, owó tí yóò san yóò sì fò láti £10,000 sí £15,000.

Ohun tó ń dùn mí ni pé nígbà tí a ń fi £250,000 da ara wa láàmú, ohun tó lè ná wa lówó gan-an kì í wá sí wa lọ́kàn. Ẹni tó bá ti ní ilé mìíràn, níbikíbi lágbàáyé, yóò san 5% lé e, gbogbo iye ilé tuntun náà ni wọ́n sì ń gba ìyẹn lé lórí. Ilé tí o kọ́ sí Ìbàdàn wà nínú rẹ̀, bí ìpín tìrẹ nínú rẹ̀ bá tó £40,000; ti ọkọ tàbí ìyàwó rẹ tí ẹ jọ ń gbé náà wà nínú rẹ̀. Lórí ilé £340,000 wa, £17,000 yóò kún £7,000, yóò wá di £24,000. Ẹni tó bá ta ilé tó ń gbé tẹ́lẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta lè gba àfikún náà padà, ṣùgbọ́n ilé Ìbàdàn tí kò fi ṣe ibùgbé kò sí lára èyí, bó tilẹ̀ tà á lẹ́yìn náà. Ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ ní ìparí ọjọ́ tí rírà ilé parí ni wọn yóò wò, ọjọ́ 14 péré sì ni òfin fún ọ lẹ́yìn rẹ̀ láti fi fọ́ọ̀mù ránṣẹ́ kí o sì san owó náà. Nítorí náà, nígbà tí lọ́yà bá kọ́kọ́ béèrè bóyá o ní ilé mìíràn, dárúkọ ti Nàìjíríà fún un.