"Ó Tẹ́ni Lọ́rùn": Ọrùn Ta Ni?

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, a jókòó ti ìwé ìdánwò ní yàrá àwọn olùkọ́, ni bàbá kan tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ bá tún gbé e dé: "Ẹni tó bá ti máàkì títí, ojú lásán ló fi ń mọ iṣẹ́ tó tẹ́ni lọ́rùn yàtọ̀ sí èyí tó dára. Ẹ yéé kọ ìtàn sínú àtẹ máàkì." Àwọn yòókù ń mi orí. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi.

Mo mọ ojú tí wọ́n ń wí. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi àti olùkọ́ kan jọ máàkì ìwé ọmọ kan náà, àròkọ alárìíyànjiyàn tí gbogbo wa mọ̀ láti kékeré: "Iṣẹ́ olùkọ́ sàn ju iṣẹ́ àgbẹ̀ lọ." Nínú 10 tó wà fún àlàyé èrò, mo fún un ní 5, òun fún un ní 8. A ṣí àtẹ wò. 5 sí 6 ni "àlàyé tó tẹ́ni lọ́rùn", 7 sí 8 ni "àlàyé tó dára". Àwa méjèèjì jàre! Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àtẹ náà kò sọ nǹkan kan nípa ohun tí ọmọ ṣe sórí ìwé. Bó ṣe máa rí lára olùmáàkì ló ń sọ, ara wa kò sì rí bákan náà.

Kì í ṣe àwa nìkan. Lọ́dún 1912, Daniel Starch àti Edward Elliott fi ẹ̀dà ìwé ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì kan náà ránṣẹ́ sí ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ girama ní Amẹ́ríkà. Àwọn olùkọ́ kan fún un ní ohun tó ju 90 lọ, àwọn mìíràn kò fún un ní 70. Olùkọ́ tó mọṣẹ́ sì ni wọ́n.

Ẹ wo àròkọ Gẹ̀ẹ́sì ti WAEC tí a ń máàkì lórí 50: kókó 10, ètò 10, ìlò èdè 20, àṣìṣe gírámà àti àkọtọ́ 10. Níbi àṣìṣe, ìdajì máàkì là ń yọ fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ta ló ń jà níbẹ̀? Orí ìlò èdè ni ariwo ti máa ń bẹ́.

Lẹ́yìn ìjà wa, a kó ìwé tí a jọ gbà pé ó wà láàárín àti èyí tí a jọ gbà pé ó dára, a tẹ́ wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, a wá béèrè pé: kí ni ọwọ́ kejì ṣe tí ti àkọ́kọ́ kò ṣe? Ìdáhùn náà la kọ. Fún 5 sí 6: "Ọmọ sọ ìdí tí olùkọ́ fi sàn jù, ó sì fi àpẹẹrẹ kan tì í, ó mẹ́nu ba ohun tí ẹni tó fara mọ́ àgbẹ̀ lè sọ, ó sì kọjá lọ." Fún 7 sí 8: "Ọmọ ṣàlàyé bí àpẹẹrẹ rẹ̀ ṣe fi ìdí náà múlẹ̀, ó mú ohun kan tí alátakò lè sọ, ó sì fèsì sí i láìtún ọ̀rọ̀ tirẹ̀ àkọ́kọ́ sọ." Ìwé tó dá wa níjà ní, "Òótọ́ ni pé àgbẹ̀ ló ń bọ́ wa, ṣùgbọ́n olùkọ́ ṣì sàn jù." Kò fèsì rárá. 6 ni, èmi náà sì ti há jù.

Àwọn kan gbọ́ èyí, wọ́n lọ kọ "ìdí mẹ́ta" fún àárín àti "ìdí márùn-ún" fún dáadáa. Ìyẹn burú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Láàárín sáà kan, àwọn ọmọ á ti máa to ìdí jọ bí ẹni to àgbàdo, láìṣàlàyé ẹyọ kan. "Ó ṣàlàyé dáadáa" àti "ó ṣàlàyé dáadáa gan-an" náà ńkọ́? "Gan-an" kò ṣeé tọ́ka sí lórí ìwé.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá gbólóhùn yín dúró, ẹ fún ẹni méjì ní ìwé márùn-ún kí wọ́n máàkì í láìbá ara wọn sọ̀rọ̀, kí oníkálùkù fi lẹ́ẹ̀dì fàlà sábẹ́ ibi tó mú un fún ọmọ ní máàkì. Ibi tí ìlà wọn bá ti yàtọ̀, gbólóhùn yẹn ló níláti padà sí ilé alágbẹ̀dẹ.

Wọ́n ní kò sí àyè. Ìṣẹ́jú ogójì tí a fi jiyàn lórí ìwé ẹyọ kan ńkọ́?

Ó dáa, mo gbà: ẹwà èdè ṣì ń dà mí láàmú. N kò tíì rí gbólóhùn tó ya òwe tó bọ́ sójú àyè kúrò lára òwe tí wọ́n kàn há sínú ọ̀rọ̀, tí olùmáàkì méjì ò ní jiyàn lé lórí.

Mo ní kí bàbá yẹn kọ ohun tí ọmọ tó "tẹ́ni lọ́rùn" ṣe sí ẹ̀gbẹ́ àtẹ rẹ̀. Ó ronú díẹ̀, ó kọ ọ́: "Ó gbìyànjú."