Ẹ Dán Iyè Wọn Wò, Ẹ Yéé Bi Wọ́n Léèrè

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbé ọ̀rọ̀ yìí mì, àmọ́ ohun tí ojú mi rí ní Ṣómólú lọ́jọ́ Sátidé kò ṣe é gbé mì. Mo gbé iṣẹ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé, mo sì bá ọmọbìnrin kan níbẹ̀ tó ń ka sáíkọ́lọ́jì. Ó ti wà ní ọdún àṣejáde, ó ń dúró kí wọ́n bá òun ṣe fọ́tókópì fọ́ọ̀mù ìbéèrè òun ní 200 ẹ̀dà. Mo yọjú wo àkòrí pírójẹ́ẹ̀tì tó wà lókè: ipa tí ọ̀nà ìkẹ́kọ̀ọ́ àti oorun ń kó nínú ìrántí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yẹn kọjá, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọdọọdún ni àkòrí yìí ń jáde, orúkọ iléèwé nìkan ni wọ́n ń pààrọ̀.

Àkòrí kọ́ ló bí mi nínú o. Apá tí wọ́n ti fẹ́ wọn ìrántí nínú fọ́ọ̀mù yẹn ni. Ìbéèrè àkọ́kọ́: "Mo máa ń rántí ohun tí mo bá kà dáadáa." Mo gbà gan-an, mo gbà, mi ò gbà, mi ò gbà rárá. Ìkejì: "Tí mo bá jókòó sínú ìdánwò, ohun tí mo kà kì í sá kúrò lórí mi." Bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé ìsàlẹ̀ ìwé.

Mo ní, "Àbúrò, ibo lo ti máa wá dán iyè wọn wò?"

Ó wò mí bí ẹni pé mo béèrè ohun tó wà níwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ náà nìyẹn."

Ibẹ̀ kọ́. Ohun tí èèyàn rò nípa ìrántí ara rẹ̀ ló wà ńbẹ̀ yẹn, ìrántí fúnra rẹ̀ kò sí ńbẹ̀. A sì ti mọ̀ láti ọdún 2006, ó kéré tán, pé nínú ọ̀rọ̀ ìwé kíkà gan-an, nǹkan méjèèjì yìí lè kọ ẹ̀yìn síra wọn pátápátá.

Ní ọdún 2006 yẹn, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke fi akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì ṣe àyẹ̀wò kan ní ìlú St. Louis, ní Amẹ́ríkà. Wọ́n fún wọn ní àyọkà kúkurú kan, wọ́n sì pín wọn sọ́nà mẹ́ta. Àwọn kan ka àyọkà náà ní ìjókòó mẹ́rin, ìṣẹ́jú márùn-ún ni ìjókòó kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn kà á ní ìjókòó mẹ́ta, wọ́n sì fi ẹ̀kẹrin kọ ohun tí wọ́n rántí. Àwọn tó kù kà á ní ìjókòó kan péré, wọ́n pa ìwé dé, wọ́n wá fi ìjókòó mẹ́ta yòókù kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀ láìwo ìwé. Àwọn tó ń kà á lákàtúnkà kà á tó ìgbà 14 kí àkókò tó pé. Àwọn tó fi ìjókòó kan péré kàwé kò kà á ju bí ìgbà mẹ́ta àti díẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi gbogbo wọn pé, báwo lẹ ṣe rò pé ẹ máa rántí rẹ̀ sí ní ọ̀sẹ̀ kan sí i? Àwọn alákàtúnkà ló fọwọ́ sọ̀yà jù. Wọ́n ti ka nǹkan ní ìgbà 14, ó ti ń yọ̀ wọlé lójú wọn bí omi, ta ni kò ní fọkàn balẹ̀? Ọ̀sẹ̀ kan kọjá, wọ́n pè wọ́n padà. Àwọn alákàtúnkà rántí nǹkan bí ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún. Àwọn tó kà á ní ìjókòó kan, tí wọ́n wá ń dán ara wọn wò, rántí nǹkan bí ìdá 61. Àwọn tó fọwọ́ sọ̀yà jù ló gbàgbé jù.

Ẹ wá mú fọ́ọ̀mù tó wà lọ́wọ́ àbúrò yẹn, kẹ́ ẹ pín in fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀. Alákàtúnkà máa mú "mo gbà gan-an". Ẹni tó ti ń dán ara rẹ̀ wò, tó ti rí bí nǹkan ṣe ń bọ́ lórí òun, máa rọra mú "mo gbà", ó tiẹ̀ lè mú "mi ò gbà". SPSS á ṣe ìṣirò rẹ̀ dáadáa, a ó sì kọ ọ́ sí orí karùn-ún pé kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ka ìwé wọn lákàtúnkà. A ti da òótọ́ délẹ̀ nìyẹn, wọ́n á sì tún fún wa ní B.

Ó ní súpáfaisọ̀ òun ló ní kí òun lo fọ́ọ̀mù. Mo mọ̀. Fọ́ọ̀mù kò wọ́n, ọ̀sẹ̀ méjì ló máa tán, ẹ lè pín in nínú kíláàsì kan ṣoṣo kí olùkọ́ tó dé. Mo gbọ́ gbogbo ìyẹn, mi ò kàn gbà ni. Àyẹ̀wò kan tí kò gba ohun tó ju bébà díẹ̀ lọ lè wọn ìrántí gan-an, mo sì ṣàlàyé rẹ̀ fún un bí ẹ̀rọ ṣe ń pariwo lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa.

Kó wá àyọkà ojú ìwé kan tí kò sí nínú iṣẹ́ ẹnikẹ́ni, nípa ẹja tàbí nípa bí wọ́n ṣe ń fa omi òkun sínú ẹ̀rọ, ohunkóhun. Kó pín in sí kókó kéékèèké bí 30, kó kọ wọ́n sílẹ̀ kó tó pe ẹnikẹ́ni. Kó wá akẹ́kọ̀ọ́ 60, kí wọ́n ṣẹ́ kèké: ọgbọ̀n lápá kan, ọgbọ̀n lápá kejì. Kèké yẹn ṣe pàtàkì, torí tó bá jẹ́ àwọn fúnra wọn ló yan apá tí wọ́n fẹ́, àwọn olóye á kó ara wọn jọ síbì kan. Kí gbogbo wọn ka àyọkà náà lẹ́ẹ̀kan. Kí apá kan tún un kà, kí apá kejì pa á dé kí wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí. Kó gba bébà lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, kí gbogbo wọn kọ ohun tó ṣẹ́ kù lórí wọn. Kí ẹlòmíràn tí kò mọ ẹni tó wà lápá ibo máàkì rẹ̀ pẹ̀lú kókó 30 yẹn.

Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ ni pé ara akẹ́kọ̀ọ́ tó ń ṣe pírójẹ́ẹ̀tì kì í lélẹ̀ títí ọ̀sẹ̀ kan fi máa pé. Ó á ní kí òun dán wọn wò lójú ẹsẹ̀ kí òun lè lọ sílé. Tó bá ṣe bẹ́ẹ̀, á rí òdìkejì! Nínú àyẹ̀wò St. Louis yẹn, àwọn tí wọ́n dán wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún péré, alákàtúnkà ló borí níbẹ̀, ìdá 83 sí ìdá 71. Ìdí nìyí tí tídíbì, kíkàwé títí ilẹ̀ á fi mọ́ tí ìdánwò bá ku ọ̀la, fi máa ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀pọ̀ wa. Ó ń ṣiṣẹ́ lóòótọ́, títí di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Ẹ padà bi onítídíbì léèrè ní sáà tó tẹ̀ lé e.

Oorun wá ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹnu mi ti ń rọ̀ díẹ̀.

Fọ́ọ̀mù oorun tó wà lọ́wọ́ àbúrò yẹn kì í ṣe ayédèrú. Ìwọ̀n Pittsburgh ni, tí Daniel Buysse àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 1989. Ó ń béèrè nípa oṣù kan tó kọjá, ó ní ẹ̀ka méje, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan gba 0 sí 3, àròpọ̀ rẹ̀ kò lè kọjá 21. Ẹni tó bá ti lé ní 5, wọ́n á ní kò sun oorun gidi. Gbogbo ayé ń lò ó. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí a bá kó àròpọ̀ nìkan sínú SPSS.

Ẹ jẹ́ ká mú ọmọkùnrin kan tó ń ti Ìkòròdú wá sí iléèwé. Ó dùbúlẹ̀ láago 12 òru, ó dìde láago 5 kó lè bá ọkọ̀ kí gòsílóò tó dé. Ó sun wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀. Iye wákàtí kò tó 5, ó gba 3 gbáko níbẹ̀. Bó ṣe fara kan ibùsùn ló sùn, nítorí náà 0 ló gbà fún àìtètè sùn, ó sì tún gba 0 fún ìdá àkókò tó fi sùn lórí ibùsùn. Ó ń tòògbé lójú ọ̀sán, ìyẹn 2. Ẹ fi 1 kún un pé òun fúnra rẹ̀ ní oorun òun kò fi bẹ́ẹ̀ burú, àti 1 fún ohun tó ń jí i lóru. Ó di 7. Ẹ wá mú ọmọbìnrin kan tó ń gbé họ́sítẹ́ẹ̀lì, tó dùbúlẹ̀ láago 10 títí di aago 6, àmọ́ tí àníyàn kò jẹ́ kó sùn fún wákàtí kan àtààbọ̀, lójoojúmọ́. Àìtètè sùn nìkan fún un ní 3. Iye wákàtí 1, ìdá àkókò 1, bó ṣe rí oorun rẹ̀ sí 1, ohun tó ń jí i 1. Òun náà di 7.

Ọkọ̀ ló gba oorun lójú ẹni àkọ́kọ́. Ọkàn ló gbà á lójú ẹnì kejì. Nọ́ńbà kan náà. Mo sọ fún àbúrò yẹn pé kó má da àwọn ẹ̀ka yẹn pọ̀, kó wò wọ́n lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kó sì jẹ́ kí àwọn èèyàn rẹ̀ máa kọ aago tí wọ́n sùn àti aago tí wọ́n jí sílẹ̀ láràárọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí oṣù tó kọjá kì í dúró lọ́kàn ẹnikẹ́ni.

Ìyẹn náà kò yanjú ọ̀rọ̀. A lè ṣẹ́ kèké lórí bí èèyàn ṣe máa kàwé. Ta ló fẹ́ ṣẹ́ kèké lórí ẹni tí kò ní sùn? Ní ọdún 1924, Jenkins àti Dallenbach kúkú ṣe é ní yunifásítì Cornell: wọ́n ní kí akẹ́kọ̀ọ́ há sílébù tí kò nítumọ̀ sórí, kí wọ́n sùn tàbí kí wọ́n wà lójúfò, kí wọ́n wá rántí. Lẹ́yìn wákàtí mẹ́jọ, nínú sílébù 10, ẹni tó sùn rántí ju ìdajì lọ, ẹni tó wà lójúfò kò rántí ju bí ẹyọ kan. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì péré ni wọ́n lò o! Nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún nìyí, a ṣì ń sọ ọ́. Ẹ bi dípátímẹ́ǹtì wa bóyá wọ́n máa gba pírójẹ́ẹ̀tì oníèèyàn méjì.

Ní ti Èkó, ẹni tí oorun rẹ̀ kéré náà ló ń gbé ọ̀nà jíjìn, òun náà ni kò fi bẹ́ẹ̀ ráyè kàwé, òun náà ló ń ṣiṣẹ́ ọwọ́ lẹ́yìn kíláàsì. Tí ìrántí rẹ̀ bá kù díẹ̀ káàtó, oorun ni ká bú ni, àbí ọ̀nà, àbí owó? Tá a bá béèrè gbogbo rẹ̀ pọ̀ lórí bébà, ká sì fi ìṣirò yọ wọ́n kúrò lára ara wọn, mi ò dá a lójú pé ohun tó máa ṣẹ́ kù á ṣì jẹ́ oorun. Ẹ̀yin olùkọ́ tẹ́ ẹ wà lójú ewé yìí, báwo lẹ ṣe ń mú ọmọ gba ibẹ̀ kọjá? Mo béèrè tọkàntọkàn ni o.