Àìkọ orúkọ sínú fọ́ọ̀mù kò tíì sọ olùdáhùn di ẹni tí a kò mọ̀

Gbólóhùn kan wà tí kì í sábà wọ́n lórí ìwé ìbéèrè tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pín fún ara wọn lásìkò iṣẹ́ ìwádìí: “Má kọ orúkọ rẹ; àṣírí ni gbogbo ohun tí o bá sọ.” Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ọ́ gbà pé níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí orúkọ, ọ̀rọ̀ àṣírí ti parí, pé ẹni tó gba ìwé náà ti yọ̀ǹda, àti pé kò tún sí àlàyé kankan tí a jẹ ẹ́ lẹ́yìn tó bá ti dá a padà. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, kíláàsì tí gbogbo ènìyàn ti mọ ara wọn sì ni ibi tí àṣìṣe rẹ̀ ti ń hàn jù.

Ẹ jẹ́ kí a fi kíláàsì kan tí akẹ́kọ̀ọ́ 46 wà nínú rẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Ọ̀kan nínú wọn, akẹ́kọ̀ọ́bìnrin kan, fẹ́ mọ iye àwọn tó ń lo oògùn kí wọ́n lè kàwé mọ́jú lásìkò ìdánwò. Kí ó tó kan ọ̀rọ̀ oògùn, ó béèrè bóyá ọkùnrin ni olùdáhùn tàbí obìnrin. Ó pín ọjọ́ orí sí ọ̀nà mẹ́rin. Ó pín ibùgbé sí mẹ́ta, èyíinì ni ilé òbí, ilé-ìgbé inú ọgbà, àti yàrá tí wọ́n háyà nígboro. Ó sì pín ẹ̀sìn sí mẹ́ta. Tí a bá sọ wọ́n di ìlọ́po ara wọn, 2 × 4 × 3 × 3 jẹ́ 72. Àpótí 72 ni ó ṣí sílẹ̀ fún ènìyàn 46, ọ̀pọ̀ nínú àwọn àpótí náà yóò ṣófo, ènìyàn kan ṣoṣo ni yóò sì wà nínú ọ̀pọ̀ òmíràn. Ọkùnrin kan ṣoṣo tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún, tó jẹ́ Mùsùlùmí, tó ń ti ilé òbí rẹ̀ wá, tí gbogbo kíláàsì sì ń pè ní Bàbá, kò nílò láti kọ orúkọ kí a tó mọ̀ ọ́n. Eégún ni, aṣọ bò ó lójú, ṣùgbọ́n àdúgbò ń fi ìrìn rẹ̀ dá a mọ̀.

Kì í ṣe àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nìkan ni èyí máa ń ṣẹlẹ̀ sí. Ní ọdún 2008, àwọn olùwádìí kan ní Amẹ́ríkà gbé ìsọfúnni tí wọ́n kó láti ojú ewé Facebook àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́lẹ́jì kan jáde fún àwọn olùwádìí mìíràn. Wọ́n ti yọ orúkọ kúrò, wọn kò sì dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà. Michael Zimmer, ọ̀mọ̀wé kan tí kò tilẹ̀ ṣí ìsọfúnni náà gan-an, mọ̀ pé Harvard ni. Iye akẹ́kọ̀ọ́ tó wà níbẹ̀, 1,640, orúkọ àwọn ẹ̀kọ́ tí kò wọ́pọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ mìíràn, àti ọ̀rọ̀ tí àwọn olùwádìí fẹnu ara wọn sọ ní gbangba ni ó fi tọ ipa rẹ̀. Níwọ̀n bí àwọn ìpínlẹ̀ kan ti wà tí akẹ́kọ̀ọ́ kan péré ti wá, mímọ ilé-ẹ̀kọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ tó láti mọ ẹni náà. Wọ́n yọ ìsọfúnni náà kúrò níta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó ni ín kò sì fìgbà kan yọ̀ǹda pé kí wọ́n kó o.

Fọ́ọ̀mù orí fóònù tún ní ọ̀nà tirẹ̀ tó fi ń tú àṣírí. Tí ó bá jẹ́ Google Forms ni a lò, kọ́kọ́ wo inú ètò rẹ̀ bóyá `Collect email addresses` wà ní títàn, nítorí pé tí ó bá wà bẹ́ẹ̀, orúkọ tí o ní kí wọ́n má kọ ti wọlé láti ẹ̀yìn. Èyí tí àwọn ènìyàn kì í fura sí ni òpó `Timestamp` tó ń fi wákàtí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan hàn. Olùwádìí fi líǹkì sínú ẹgbẹ́ WhatsApp kíláàsì, àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sì ń fèsì pé “Mo ti ṣe é o.” Ẹni tó fèsì ní aago 9:14 ni ó ni ìdáhùn tó wọlé ní aago 9:13. Ó yẹ kí a bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe fèsì rárá, kí a sì pa òpó náà rẹ́ kúrò nínú ẹ̀dà tí a ó fi ṣiṣẹ́.

Òfin tí Nàìjíríà ṣe ní 2023 lórí ìdáàbòbò ìsọfúnni ara ẹni kò fi ọ̀rọ̀ mọ sórí orúkọ. Ẹni tí a lè dá mọ̀, ìbáà jẹ́ ní tààrà tàbí láti ọ̀nà ẹ̀bùrú, ni ó ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ó sì ka ìlera àti ẹ̀sìn mọ́ àwọn ohun tí ó gba ìṣọ́ra pàtàkì. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa ni láti bi ara rẹ̀ léèrè pé kí ni ẹ̀sìn ń ṣe nínú ìwádìí oògùn. Tí kò bá ní lò ó nínú ìtúpalẹ̀ rẹ̀, kí ó yọ ọ́. Kí ó dín ọjọ́ orí kù sí ọ̀nà méjì, kí ó sì yọ ibùgbé náà: àpótí mẹ́rin péré ni yóò kù.

Nígbà tó bá ń kọ àbájáde, kí ó má ṣe tẹ ẹgbẹ́ tí ènìyàn rẹ̀ kò tó márùn-ún sínú tábìlì, bí ọ̀pọ̀ olùwádìí ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n fífi nọ́ńbà kan ṣoṣo pamọ́ kò tó: tí àpapọ̀ bá jẹ́ 46, tí àwọn mẹ́ta yòókù sì jẹ́ 24, 11 àti 8, ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ pàápàá yóò sọ fún ọ pé 3 ni èyí tó sọnù. Kí ó pa á pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ mìíràn. Ó tún kù síbì kan. Tí gbogbo ọkùnrin mẹ́jọ tó wà nínú ẹgbẹ́ kan bá dáhùn pé àwọn ń lo oògùn, iye wọn kò kéré, síbẹ̀ àṣírí àwọn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ ti tú.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda ti wọlé. Ìyọ̀ǹda tí a gbé ka ìlérí tí kò lè ṣẹ kì í ṣe ìyọ̀ǹda ní tòótọ́, nítorí pé ohun tí ẹni náà gbà sí kọ́ ni ó ṣẹlẹ̀ sí i. Dípò “a kò lè mọ̀ ọ́,” kí ó kọ ohun tó jẹ́ òótọ́: “N kò ní béèrè orúkọ rẹ, ṣùgbọ́n kíláàsì wa kéré, èmi àti olùkọ́ tó ń bójú tó iṣẹ́ yìí nìkan ni yóò rí ìdáhùn kọ̀ọ̀kan, èmi yóò sì pa á rẹ́ lẹ́yìn tí a bá ti gba máàkì.” Kí ó fi kún un pé olùdáhùn lè fo ìbéèrè tí kò bá wù ú. Èmi kò fara mọ́ kí aṣojú kíláàsì máa lẹ orúkọ àwọn tí kò tíì dáhùn mọ́ ojú ẹgbẹ́ WhatsApp. Bí ẹni tí ń gba owó àjọ ni ó rí, kò sì sí ẹni tó lè kọ̀ ní ìrọ̀rùn mọ́.

Àlàyé ìkẹyìn, èyí tí a ń ṣe fún olùdáhùn lẹ́yìn tó bá ti dáhùn tán, ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń fò jù, pàápàá nígbà tí wọ́n bá ti fi ìdí ìwádìí pamọ́. Ká ní ohun tí akẹ́kọ̀ọ́bìnrin wa kọ sókè ni “Bí a ṣe ń kàwé lásìkò ìdánwò,” nítorí ó bẹ̀rù pé orúkọ oògùn yóò mú kí wọ́n purọ́. Ó lè ṣe bẹ́ẹ̀ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá fọwọ́ sí i, ṣùgbọ́n ó gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ lẹ́yìn náà, kí ó sì fún wọn láàyè láti gba ìdáhùn wọn padà. Báwo ni yóò ṣe rí ìdáhùn ẹni tí kò kọ orúkọ? Àìkọ orúkọ tí a ń fi yangàn ni ó ti ilẹ̀kùn náà. Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ó lè fi àlàyé náà sí ojú ewé tó gbẹ̀yìn fọ́ọ̀mù, kí a tó tẹ `Submit`, kí ẹni tí kò bá fẹ́ mọ́ sì pa á dé níbẹ̀. Tàbí kí olùdáhùn kọ àmì tí òun nìkan mọ̀, orúkọ èso kan àti nọ́ńbà mẹ́rin tí kì í ṣe ti fóònù rẹ̀, kí ó fi bébà tí a kò kọ orúkọ sí ránṣẹ́ pé “Ẹ yọ ọsàn 7302 kúrò,” kí ọjọ́ tí àǹfààní náà yóò parí sì ti wà lórí ojú ewé àkọ́kọ́.

Ojú ewé ìkẹyìn yẹn kan náà ni a ń kọ ibi tí a ti lè rí ìrànlọ́wọ́ sí, ní ilé-ìwòsàn ilé-ẹ̀kọ́ tàbí lọ́dọ̀ àwọn olùgbaninímọ̀ràn, fún gbogbo ènìyàn, nítorí pé tí ẹnì kan bá kọ ọ́ pé oògùn náà ti di bárakú fún òun, olùwádìí kò gbọ́dọ̀ máa wá a kiri nínú kíláàsì.